Àpótí là ń bẹ̀rù, omi ẹ̀fọ́ là ń dà nù

Màmá Adátán ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ní Òkè-Ìlèwó, ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni mo gbé ìrẹsì ọ̀fadà àná jáde nínú fíríìjì, mo tì í sínú máíkírówéèfù, ìṣẹ́jú méjì péré, ó dún píìn, mo bu ayamásẹ̀ lé e mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n wo àwo, wọ́n wò mí.

"Ṣé inú àpótí yẹn lo ti gbé e jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Gbé e lọ, ọmọ mi. Mi ò ní jẹ rédíéṣọ̀n lọ́jọ́ ogbó mi."

Wọ́n ní ẹnì kan fi fọ́ìsì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn lórí Wáásáàpù, ọkùnrin kan tí ohùn ẹ̀ nípọn, ó ní oúnjẹ tó bá ti wọ máíkírówéèfù ti di rédíóáktíìfù nìyẹn, gbogbo fítámì inú ẹ̀ ti kú pátápátá, ẹni tó bá fẹ́ ara líle kó máa fi omi bọ oúnjẹ ẹ̀ bíi ti àwọn baba wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ gbé ìrẹsì míì kaná lórí gáàsì, kí ló kù kí n ṣe.

Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ wá wò ó o, Màmá wọ kíṣìnì láti se ẹ̀fọ́. Wọ́n da ṣọkọ sínú ìkòkò ńlá, wọ́n bomi kún un, wọ́n jẹ́ kó hó dáadáa, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n wá da omi aláwọ̀ ewé yẹn sí síǹkì, wọ́n bu omi tútù lé ẹ̀fọ́, wọ́n fún un bí ẹni tó ń fún aṣọ, wọ́n tún da ìyẹn náà nù. Èmi tí mo ka ìmọ̀ oúnjẹ nílé ìwé, mo kàn dúró síbẹ̀ tí mò ń wo síǹkì ni. Nítorí ibi tí fítámì ń gbà lọ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti rédíóáktíìfù, torí òun ló ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti tú.

Orúkọ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Rédíéṣọ̀n kì í ṣe nǹkan kan pàtó, ohunkóhun tó bá ń tàn jáde láti ibì kan lọ sí ibòmíì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, rédíéṣọ̀n ni. Ooru tó ń fẹ́ lù yín lójú tẹ́ ẹ bá jókòó ti àdògán, rédíéṣọ̀n ni. Wáífáì ilé yín ńkọ́? Òun náà ni, kódà ìgbì wáífáì àti ti máíkírówéèfù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àwọn méjèèjì ń mì ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ìgbà láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, agbára ló yàtọ̀ síra, ti inú àpótí lágbára ju ti wáífáì lọ fíìfíì, wọ́n sì tì í mọ́ inú irin. Rédíóáktíìfù wá yàtọ̀. Nǹkan tó bá jẹ́ rédíóáktíìfù, kóró inú átọ́mù ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni ò fìdí múlẹ̀, ó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń fọ́ ló ń tu nǹkan jáde, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kó dákẹ́. Kí oúnjẹ tó lè dà bẹ́ẹ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wọ inú kóró átọ́mù ẹ̀ lọ dà á rú.

Ṣé ìgbì máíkírówéèfù lè ṣe ìyẹn? Ká ní máńgòrò kan wà lórí igi tẹ́ ẹ fẹ́ já a bọ́. Ẹ bu gaàrí, ẹ wá ń sọ ọ́ lù ú ní kóró kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè sọ odidi àpò gaàrí kan tán, ẹ tún lọ ra òmíì ní Kútọ̀, máńgòrò yẹn á ṣì wà níbẹ̀ tí á máa wò yín. Òkúta kan ṣoṣo tó bá dúró déédéé ni á já a. Bí ìtànṣán ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kóró kóró ló ń wá, bí kóró kọ̀ọ̀kan bá ṣe lágbára sí ló máa sọ ohun tó lè bàjẹ́, kì í ṣe iye kóró. Ti máíkírówéèfù, gaàrí ni. Ti ẹ́síréè tí wọ́n ń yà ní ọsibítù àti ti gámà, òkúta nìyẹn, ó lè fọ́ nǹkan nínú ara, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń yà á fi máa ń sá sẹ́yìn ògiri. Tẹ́ ẹ bá yí agbára máíkírówéèfù sókè dé òpin, gaàrí yín ló pọ̀ sí i, kò di òkúta. Oúnjẹ á gbóná sí i, ó tiẹ̀ lè jóná, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá tún ń gbé nǹkan sínú ẹ̀. Gílóòbù kékeré kan máa ń tàn nínú àpótí yẹn kẹ́ ẹ lè rí àwo tó ń yí. Kóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo látinú gílóòbù yẹn lágbára ju kóró ìgbì tó ń se oúnjẹ lọ ní bíi ìgbà 200,000. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé gílóòbù sọ ìrẹsì ẹnikẹ́ni di rédíóáktíìfù rí?

Kí ló wá ń mú oúnjẹ gbóná? Omi inú ẹ̀ ni. Ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan ní orí méjì bíi mágínẹ́ẹ̀tì, ìgbì yẹn á fà á síhìn-ín á tún fà á sọ́hùn-ún, kó tó yí padà tán ìgbì ti tún pè é, gbogbo wọn wá ń fara gbún ara wọn bí èrò Kútọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la ọdún, ìfaragbún yẹn ló ń di ooru. Ooru yẹn náà ni ooru tí iná gáàsì ń fún yín, kò lórúkọ míì. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mágínẹ́tírọ́nù ló ń ṣe ìgbì náà, iná mànàmáná ló sì ń jẹ. Tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, tàbí tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ó kú nìyẹn, èyí tó kù nínú àpótí á tán kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, bí yàrá ṣe máa ń ṣókùnkùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá pa gílóòbù. Ìmọ́lẹ̀ kì í kù sára ògiri. Ẹ fọwọ́ kan òkúta Olúmọ lágogo mẹ́ta ọ̀sán, á jó yín lọ́wọ́, ooru oòrùn ló wà lára ẹ̀, tó bá dalẹ́ á tutù. Ìrẹsì yín náà nìyẹn.

Kẹ́ ẹ sì wá gbọ́ eléyìí, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tó jẹ́ rédíóáktíìfù ní Abẹ́òkúta, Olúmọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ wò. Gíránáìtì ni òkúta ìlú wa, gbogbo gíránáìtì láyé ló ní yùréníọ́ọ̀mù àti tọ́ríọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní díẹ̀, torí pọtáṣíọ́ọ̀mù inú ẹ̀, ẹ̀wà náà ní. Ó kéré débi pé kò ṣe nǹkan kan fún wa, abẹ́ òkúta ni wọ́n bí wa sí a sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ gbé sínú máíkírówéèfù àti èyí tẹ́ ẹ ò gbé sí i, iye kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, àpótí yẹn ò fi ẹyọ kan kún un.

Tí ẹnu ilẹ̀kùn àpótí bá ti wọ́ tàbí ó ti là, ẹ má lò ó mọ́. Àmọ́ ohun tí ìgbì tó bá ń jò jáde lè ṣe ni pé kó gbóná sí yín lára, kó jó yín. Kò ní sọ yín di rédíóáktíìfù. Netì onírin tó wà lójú gíláàsì ẹnu ilẹ̀kùn ló ń dá ìgbì dúró, ìgbì kan gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12, ihò netì yẹn ò sì ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ, kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí síǹkì Màmá Adátán.

Fítámì ò mọ irú iná tó ń se òun. Ohun mẹ́ta ló ń mú un lọ: bí ooru bá ṣe pọ̀ tó, bó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó, àti bí omi tó yí i ká bá ṣe pọ̀ tó. Níbi ẹ̀fọ́, omi yẹn lọ̀gá wọn. Fítámì C, fólétì tí wọ́n máa ń fún aboyún, àti púpọ̀ nínú àwọn ìdílé fítámì B, inú omi ni wọ́n ń yọ́ sí. Àwọn tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ̀kú mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ: aṣọ tí aró ẹ̀ ò bá mú dáadáa, ẹ rẹ ẹ́ sínú báfù omi, omi á di búlúù, aṣọ á ṣí. Kò sẹ́ni tó jó aró yẹn níná, ó kàn kúrò lára aṣọ bọ́ sínú omi ni. Ewé ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ da sínú omi tó ń hó, ooru á là á, ohun tó lè yọ́ á yọ́ jáde, ẹ wá da omi nù. Ti àwọn tó jẹ́ pé inú epo ni wọ́n ń yọ́ sí yàtọ̀, irú èyí tó ń di fítámì A fún ojú, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá omi lọ.

Wọ́n ti wọn eléyìí dáadáa lára sípínááṣì, tó jẹ́ ẹ̀fọ́ àwọn òyìnbó. Nínú ìwé ìṣirò oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò, gíráàmù 100 sípínááṣì tútù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 28 fítámì C, èyí tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n sì da omi ẹ̀ nù ò ju bíi 10 lọ. Ti fólétì, àwọn tó bọ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré rí i pé bíi ìdajì ló ti lọ, nígbà tí èyí tí wọ́n kàn fi ooru omi sè, tí omi ò kan ewé, fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdánù nǹkan kan. Ìyẹn ló jẹ́ kó yé mi pé omi lolè, ooru kàn ń bá a gbé àpò ni. Máíkírówéèfù wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n fi ooru sè, torí ẹ̀fọ́ ò nílò omi púpọ̀ nínú ẹ̀, kì í sì í pẹ́.

Màmá ò gbà. Wọ́n ní ìwé òyìnbó ni. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú ara yín.

Mo lọ ra áyódíìnì ní kẹ́mísì, èyí tí wọ́n ń fi sójú egbò. Mo bu ṣíbí tíì kan láfún, mo pò ó sínú omi tútù, mo sè é títí ó fi dà bí ẹ̀kọ mímu tó ṣàn gan-an, mo jẹ́ kó tutù. Mo bu ṣíbí méjì nínú ẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù omi, mo kán áyódíìnì kan ṣoṣo sí i. Ó di búlúù tó fẹ́ dúdú, bí aró gan-an, Màmá pariwo. Fítámì C ló máa ń pa àwọ̀ yẹn rẹ́, torí ó máa ń bá áyódíìnì jà kí áyódíìnì má lè bá láfún ṣeré mọ́.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ fi ara mi ṣẹ̀sín rèé. Omi ẹ̀fọ́ míì tí Màmá tún bọ̀ ṣì gbóná nígbà tí mo dà á sí i, búlúù sì lọ wàì, mo ń yangàn, ni ọmọ mi ọkùnrin bá bu omi gbígbóná lásán sínú kọ́ọ̀pù kejì, búlúù tìyẹn náà lọ! Mo gbàgbé pé ooru fúnra ẹ̀ máa ń pa àwọ̀ náà rẹ́, tó bá tutù á tún padà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ti tutù, kẹ́ ẹ sì ṣe kọ́ọ̀pù méjì, ẹ máa kán omi lásán sí ọ̀kan, ẹ máa kán omi ẹ̀fọ́ sí èkejì, kó má di pé ẹ kàn ń bomi là á lẹ ń pè ní fítámì.

A tún un ṣe. Ṣíbí omi lásán mẹ́wàá wọ kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, búlúù kàn dín díẹ̀ ni. Omi ẹ̀fọ́ tí Màmá fẹ́ dà sí síǹkì wọ èkejì, nígbà tó fi di ṣíbí kẹrin ó ti ń di eléérú, ní ìkẹfà búlúù ti tán, àwọ̀ ewé díẹ̀ ló kù. Ká sòótọ́, àwọn nǹkan míì wà nínú ewé tó lè bá áyódíìnì jà, fítámì C nìkan kọ́, nítorí náà ẹ má fi àyẹ̀wò kíṣìnì yìí ka iye fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé omi tẹ́ ẹ ń pè ní ìdọ̀tí yẹn, nǹkan wà nínú ẹ̀.

Ìdì ṣọkọ kejì ni mo gbé sínú máíkírówéèfù. Mo ṣàn án, mi ò gbọ̀n ọ́n, omi tó kù lára ewé yẹn ti tó, mo kó o sínú abọ́ gíláàsì, mo fi àwo dé e, mo fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí ooru rí ibi gbà jáde. Ìṣẹ́jú méjì, mo rò ó pọ̀, mo tún fún un ní ìṣẹ́jú kan. Rírò yẹn ṣe pàtàkì torí ìgbì ò pín dọ́gba, ibì kan á ti jinná tí ibòmíì á ṣì tutù. Ewé rọ̀ pẹ̀sẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Nísàlẹ̀ abọ́, omi tó jáde ò ju ṣíbí ọbẹ̀ méjì lọ. Mo da ewé tòun tomi ẹ̀ sínú ata tí mo ti dín, kò sí nǹkan tó lọ sí síǹkì.

Màmá bi mí ní ìbéèrè tó dáa gan-an: "Ewédú wa ńkọ́, ṣebí omi la fi ń sè é?" Omi ni o, àmọ́ ẹ ń jẹ omi ẹ̀. Ohun tó yọ́ kúrò lára ewé ṣì wà nínú ìkòkò, èyí tí ooru bàjẹ́ nìkan lẹ pàdánù. Ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ tòun tomi, síse lórí gáàsì ò fi nǹkan púpọ̀ kéré sí máíkírówéèfù. Bọ̀-kí-o-dà-á-nù ni mò ń bá jà. Bákan náà, ẹni tó bá da omi kún abọ́, tó gbé ẹ̀fọ́ sí máíkírówéèfù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó wá sẹ́ omi ẹ̀ nù, ìkòkò ló ń lò yẹn, ó kàn ní ilẹ̀kùn ni.

Àwọn ewé kan sì wà tí dída omi nù bá wọn mu. Ewúro, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ láìfọ̀? Ẹni tí dókítà bá sì sọ fún pé òkúta wà nínú kíndìnrín ẹ̀, omi tó ń kó fítámì lọ yẹn náà ló ń kó ásíìdì ọ̀sáálíkì inú tẹ̀tẹ̀ lọ, òun sì ni ohun tó ń di òkúta lára àwọn míì, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa bọ tiẹ̀ kó sì máa dà á nù lọ láìbi mí. Nínú ilé tí kò sí àìsàn bẹ́ẹ̀, ṣọkọ tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láàárọ̀, kí lẹ ń fún un gbẹ fún?

Kí Màmá tó padà sí Adátán, wọ́n ti dín omi kù. Ife kan péré ni wọ́n ń bù sí ṣọkọ báyìí, ó sì ń lọ sínú ata. Ti ìrẹsì, wọ́n ti ń jẹ ẹ́, àmọ́ wọn kì í dúró sí kíṣìnì tí àpótí bá ń yí, pálọ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á na ọrùn.

"Ó ti dún?"

"Ó ti dún, mà."

"Ó ti kú?"

"Ó ti kú, mà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wọlé wá gba àwo wọn.